Owó Ìpolówó Orí Fóònù: Ẹni Tó Rí I, Ẹni Tó Tẹ̀ Ẹ́, Tàbí Ẹni Tó Rà?

Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ rán mi ni pé kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń gbowó ìpolówó lórí fóònù, nítorí àwọn tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láàrin wa ń béèrè èwo ni kí àwọn mú.

Ọ̀nà mẹ́ta ni. Èkíní ni CPM: a ń sanwó fún ẹgbẹ̀rún ìgbà tí ìpolówó bá hàn. Ó dà bí ọkọ̀ ẹlẹ́rọ gbohùngbohùn tó gba Ọjà Ọba kọjá. Wọ́n rà o, wọn ò rà o, owó rẹ̀ pé. Èkejì ni CPC: ìgbà tí ẹnìkan bá fọwọ́ tẹ ìpolówó náà la tó ń sanwó, bí ìgbà tí a fún ọmọ tó mú èèyàn wá síwájú ìsọ̀ lówó. Ẹ̀kẹta ni CPA: ó di ìgbà tí ẹni náà bá rà, bíi owó alárinà.

Ẹ jẹ́ ká fi aṣọ òfì Ìlọrin ṣírò. Iye tí mo fẹ́ pè yìí, àpẹẹrẹ ni o. Ká ní èrè orí aṣọ kan jẹ́ 6,000 náírà, àti pé nínú èèyàn 50 tó bá tẹ ìpolówó wa, ẹnìkan ló ń rà. Ẹ pín 6,000 sí ọ̀nà 50, ó jẹ́ 120 náírà. Ibi tí títẹ̀ kan bá ti kọjá 120 náírà, a ti ń jẹ lára owó ọjà nìyẹn. Iye yìí ni kí kálukú kọ́kọ́ mọ̀ kó tó fowó sílẹ̀.

Ó wá ku 10,000 náírà tí a fẹ́ ná. Bí ẹgbẹ̀rún ìfihàn bá jẹ́ 400 náírà, ìpolówó wa yóò hàn nígbà 25,000. Bí àwòrán aṣọ bá dára, tí ẹnìkan nínú 100 sì tẹ̀ ẹ́, a rí títẹ̀ 250, ogójì náírà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èèyàn márùn-ún rà, èrè jẹ́ 30,000, a yọ owó ìpolówó, ó ku 20,000. Ṣùgbọ́n bí àwòrán bá ṣókùnkùn, tó jẹ́ ẹnìkan nínú 500 ló tẹ̀ ẹ́, títẹ̀ 50 péré la rí, ẹnìkan ló rà, a sì pàdánù 4,000. Nínú CPM, àwa la ru ewu àwòrán tí kò dára.

Nínú CPC, bí títẹ̀ kan bá jẹ́ 60 náírà, 10,000 yóò mú bíi títẹ̀ 166 wá. Ẹni mẹ́ta rà, ó ku 8,000. Èrè rẹ̀ kéré sí ti àwòrán tó dára nínú CPM, ṣùgbọ́n ẹni tó kàn wò kọjá kò jẹ wá lówó. Ewu tó kù ni ẹni tó tẹ̀ láìní lọ́kàn láti rà.

CPA ló dùn létí jù, àmọ́ ó ní ìdíwọ́. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ fojú ara rẹ̀ rí i pé ọjà tà. Tiwa sì rèé, orí Wọ́sáàpù la ti ń dúnàádúrà, báǹkì la ti ń gbowó. Ẹ̀rọ ò mọ ẹni tó rà. Ẹ tún béèrè ohun tí wọ́n ń pè ní rírà: ẹni tó fi nọ́ńbà fóònù sílẹ̀ kò tíì ra nǹkan kan. Bí wọ́n bá gba 3,000 lórí irú ẹni bẹ́ẹ̀, tí ẹnìkan nínú mẹ́ta ló padà rà, 9,000 la san lórí èrè 6,000.

Ohun kan tó ń ru ẹni tuntun lójú: lórí Fesibúùkù, ẹ ó rí Cost per result. Ìṣirò lásán nìyẹn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìfihàn ni wọ́n ń gbowó lé. Ẹ wo Frequency náà. Bó bá ń gòkè tí títẹ̀ kò pọ̀ sí i, ojú kan náà là ń sanwó fún léraléra. Lórí ìwákiri Gúgù, títẹ̀ ni wọ́n ń gbowó lé. Ọdún 2000 ni wọ́n fi ẹgbẹ̀rún ìfihàn bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì mú owó títẹ̀ wọlé ní 2002.

Ìmọ̀ràn mi nìyí. Ẹni tí kò tíì mọ iye àwọn tó ń rà nínú àwọn tó tẹ̀, kó fi owó kékeré bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú CPC, kó sì máa kọ ọ́ sínú ìwé: mélòó ló tẹ̀, mélòó ló rà. Ìgbà tó bá rí i pé àwòrán òun ń fa èèyàn, kó wá dán CPM wò. CPA wà fún ẹni tí títà rẹ̀ parí sórí ẹ̀rọ níbi tí wọ́n ti lè kà á.