Bí A Ṣe Ń Kọ Lẹ́tà sí Ọ̀gá Ibi Iṣẹ́ Láti Gba Díẹ̀ Lára Owó Oṣù Ṣáájú Ọjọ́

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n sọ lónìí kò gùn. Ẹnì kan yá owó pàjáwìrì, ọjọ́ tí yóò san díẹ̀ nínú rẹ̀ ti ń bọ̀, owó ọwọ́ rẹ̀ kò tó, owó oṣù sì kù bí ọ̀sẹ̀ méjì. Báwo ló ṣe máa kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀ kí wọ́n lè ṣàánú rẹ̀, kí òun náà má sì kó sínú wàhálà mìíràn?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ èyí: ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, kò sí òfin tó ní dandan ni kí ọ̀gá san owó oṣù ṣáájú ọjọ́ rẹ̀. Ojú rere ni. Àwọn ibi iṣẹ́ kan ní ìlànà tiwọn nínú ìwé tí wọ́n fún yín nígbà tí ẹ wọṣẹ́. Ẹ kà á kí ẹ tó kọ lẹ́tà. Bí ẹ ò bá rí nǹkan kan níbẹ̀, ẹ bi àwọn tó ń ṣètò owó oṣù léèrè ẹni tó ń fọwọ́ sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, àti iye ọjọ́ tó máa ń gbà.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Ẹ ṣe bí ẹni pé arábìnrin kan ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà. Ọjọ́ 28 ni wọ́n ń sanwó, £1,420 ló sì máa ń kàn án lọ́wọ́. Ilé, iná, oúnjẹ àti owó ọkọ̀ ń gba £1,180. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún bàbá rẹ̀ nílé, ó yá owó, ó sì ń san £130 padà ní ọjọ́ 14 oṣooṣù. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ṣàìsàn, kò lè lọ síṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, owó oṣù tó gbà kẹ́yìn wá di £1,220. Bó bá yọ £1,180 kúrò, £40 ló kù. £130 ló gbọ́dọ̀ san. Ó ku £90.

Ẹ wo ibẹ̀ dáadáa. £90 ni kó béèrè, kì í ṣe £300. Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń sọ pé, “Níwọ̀n ìgbà tí mo ti ń bẹ̀bẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kúkú gbà á kó pọ̀.” Owó tí ẹ bá gbà lónìí kò ní sí nínú owó oṣù tó ń bọ̀ mọ́. Ihò ni ẹ ń gbẹ́ de ara yín.

Ìdí nìyí tí sísan padà náà fi gba ìṣirò. Lọ́jọ́ 28, £1,420 máa wọlé. Bí wọ́n bá yọ £90 náà lẹ́ẹ̀kan, tí arábìnrin yìí sì san £1,180 àti £130, £20 péré ló máa kù. Bí ọmọ bá tún ṣàìsàn ńkọ́? Bí wọ́n bá yọ £45 lóṣù yìí àti £45 lóṣù tó tẹ̀ lé e, £65 ló máa kù lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣù kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn sàn díẹ̀.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ máa fi kọ lẹ́tà náà, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣe máa tò nìyí. Ẹ kọ ọ́ ní nǹkan bí ọjọ́ 4:

“Sí ọ̀gá ẹ̀ka wa. Mo bẹ̀ yín kí ẹ san £90 fún mi ṣáájú, lára owó oṣù tí màá gbà ní ọjọ́ 28. Mo ní ẹ̀yáwó pàjáwìrì kan tí mo gbọ́dọ̀ san £130 lé lórí ní ọjọ́ 14. Owó oṣù tí mo gbà kẹ́yìn dín kù nítorí ọjọ́ mẹ́ta tí mi ò fi lè wá síṣẹ́ nígbà tí ọmọ mi ń ṣàìsàn. Bí ó bá ṣeé ṣe, mo fẹ́ kí owó náà wọ báǹkì mi ní ọjọ́ 12. Mo gbà kí ẹ yọ £45 nínú owó oṣù yìí àti £45 nínú ti oṣù tó ń bọ̀. Bí mo bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó tó tán, mo gbà kí ẹ yọ ìyókù nínú owó ìkẹyìn mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi lésì kó tó di ọjọ́ 8. Ẹ ṣeun.”

Ó tán. Ẹ ò ní láti sọ gbogbo ìtàn ẹbí yín, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ò ní láti ka gbèsè yòókù sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má parọ́ o. Ọjọ́ 12 ni a sọ nítorí pé báǹkì lè fa owó náà láàárọ̀ kùtù ọjọ́ 14. Ọjọ́ 8 ni a sọ kí àyè lè wà láti ṣe nǹkan mìíràn bí wọ́n bá kọ̀.

Ibi tí ẹ ti sọ pé “mo gbà kí ẹ yọ” ṣe pàtàkì. Gẹ́gẹ́ bí òfin iṣẹ́ ti 1996, ọ̀gá kò gbọ́dọ̀ ṣàdédé yọ irú owó yìí lára owó iṣẹ́ yín. Ó gbọ́dọ̀ wà nínú àdéhùn iṣẹ́, tàbí kí ẹ ti fọwọ́ sí i nínú ìwé ṣáájú. Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé ìwé tiwọn wá, ẹ wò ó bóyá iye àti oṣù tó wà níbẹ̀ bá ti yín mu kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan. Nígbà tí ìwé owó oṣù bá dé, ẹ wò ó bóyá £45 ni wọ́n yọ, kì í ṣe £90. Ẹ má sì rò pé òfin owó iṣẹ́ tó kéré jù máa gbà yín sílẹ̀: bí wọ́n bá ń gba owó tí wọ́n san fún yín ṣáájú padà, ohun tó kù lè kéré sí iye yẹn láìjẹ́ pé wọ́n rú òfin.

Bí wọ́n bá ní rárá ńkọ́? Ẹ pe ẹni tó yá yín lówó kó tó di ọjọ́ 14, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ bi í bóyá ọjọ́ náà lè sún sí 28, tàbí kó gba £40 ná. Ẹ béèrè iye tó máa fi kún un, kí ẹ sì ní kó fi èsì náà ránṣẹ́ ní kíkọ. Bí ẹ bá dákẹ́ tí ẹ sì pàdánù ọjọ́ náà, ó lè wà nínú àkọsílẹ̀ ẹ̀yáwó yín fún ọdún 6. Ẹ má lọ yá owó èlé lọ́wọ́ ará àdúgbò tí kò ní ìwé àṣẹ láti fi dí ihò £90.

Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn rèé. Bí ó bá di pé lẹ́ẹ̀kejì láàárín oṣù mẹ́ta ni ẹ tún fẹ́ kọ irú lẹ́tà yìí, a jẹ́ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ owó oṣù mọ́. Owó tó ń jáde ti ju èyí tó ń wọlé lọ. Ẹ lọ bá olùdámọ̀ràn gbèsè tí kì í gbowó, irú èyí tó wà ní Sítísẹ́nsì Adífáìsì. Ní Íńgílándì àti Wéésì, láti oṣù Karùn-ún 2021, irú olùdámọ̀ràn bẹ́ẹ̀ lè bá ẹni tó bá yẹ gba ìsinmi ọjọ́ 60, tí èlé lórí ọ̀pọ̀ gbèsè yóò dúró, tí àwọn olówó kò sì ní lè máa lé e kiri. Ẹ mú ìwé owó oṣù mẹ́ta àti ìwé ẹ̀yáwó náà dání bí ẹ bá ń lọ.