Gbèsè wo la ó kọ́kọ́ san?

Ẹ̀yin ará Ògèrè, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká ní ìyá aláṣọ kan jẹ ẹgbẹ́ àjẹsẹ́kù ní ₦40,000, èlé náírà 1 lórí 100 lóṣù. Ó tún yá ₦90,000 lórí fóònù, èlé náírà 10 lórí 100 lóṣù. Lẹ́yìn tó san iye tó pọn dandan fún méjèèjì, ₦20,000 ṣẹ́ kù. Bó bá fi san ti àjẹsẹ́kù, gbèsè kékeré á tètè tán, ọkàn á fúyẹ́, ṣùgbọ́n èlé ₦200 péré ló bọ́ lọ́rùn rẹ̀ lóṣù. Bó bá kó o fún ti fóònù, ₦2,000 ni. Èmi á mú ti fóònù. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ bi àwọn ayánilówó orí fóònù: bí wọ́n bá ti ka gbogbo èlé mọ́ ọn tẹ́lẹ̀, tí sísan ṣáájú ọjọ́ kò dín in kù, ẹ jẹ́ kí owó náà lọ sí àjẹsẹ́kù.