Ìṣẹ́jú Kan Péré: Ẹ̀fọ́rí Tó Sán Bí Àrá

Bí orí bá ń fọ́ ẹnì kan, ohun tá a sábà máa ń bi í ni pé, "Ṣé ó le púpọ̀?" Èmi ń sọ lónìí pé ìbéèrè yẹn kò tó. Ká bi í pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, báwo ló sì ṣe yá tó kó tó le dé òpin. Ẹ̀fọ́rí tí àwọn dókítà fi wé àrá ni èyí tó dé góńgó láàárín ìṣẹ́jú 1. Bó ṣe yá tó yẹn ló ń dẹ́rù bani ju ìrora fúnra rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo obìnrin ẹni ọdún 46 kan tó ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́. Ní aago 7:10 àárọ̀, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ láti gbé àpò, orí rẹ̀ sán gbàà, ó sì bì. Wọ́n ra oògùn ibà àti pánádó fún un ní kẹ́míìsì, ó rọ̀ ọ́ díẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ọrùn rẹ̀ ti gan, kò lè fi àgbọ̀n kan àyà mọ́. Ẹnì kan á ní ibà kúkú ni. Òótọ́ ni pé ibà ń fọ́ni lórí, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ló ń gorí, ara á sì ti máa gbóná. Oníbà á ní, "Ó ti ń ṣe mí láti àná." Obìnrin yìí mọ àpò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí orí náà sán. Bí àyẹ̀wò bá tiẹ̀ rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, nílùú tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń gbé e kiri láìṣàìsàn, ìyẹn kò ní kí nǹkan mìíràn má ṣe é. Pé pánádó sì rọ̀ ọ́ kò já mọ́ nǹkan kan: oògùn ń pa ìrora, kì í dí ihò iṣan.

Ihò wo? Níbi tí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ti pẹ̀ka nísàlẹ̀ ọpọlọ, ògiri wọn lè ṣe tíńrín, kó wú róbótó bíi rọ́bà tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí. Bó bá bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á tú sínú omi tó yí ọpọlọ ká, á sì máa ta awọ ibẹ̀; ìdí nìyẹn tí ọrùn fi ń gan, àmọ́ ó lè gba wákàtí mélòó kan. Ẹni tí ọrùn rẹ̀ kò tíì gan kò bọ́. Ojú ibẹ̀ sábà máa ń dí fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà kó tún bẹ́, wákàtí 24 àkọ́kọ́ sì ni ewu ìyẹn pọ̀ jù. Ẹlẹ́ẹ̀kejì ló sábà ń pani.

Nílé ìwòsàn, dókítà á wò ó bóyá ìpéǹpéjú kan sọ̀ tàbí ọmọlójú kan fẹ̀ ju èkejì lọ, á tún wo ìfúnpá àti bó ṣe wà lójúfò tó. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan síkáànù orí. Jeffrey Perry àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà tẹ ìwádìí wọn jáde ní 2011: nínú àwọn 953 tó ṣe síkáànù láàárín wákàtí 6, ẹ̀jẹ̀ ya sínú orí àwọn 121, ẹ̀rọ sì rí gbogbo wọn. Lẹ́yìn wákàtí 6, nǹkan bí 14 nínú 100 ló ń bọ́ mọ́ ọn lójú. Mo tún fi kan kún un: ẹ̀jẹ̀ ń funfun nínú àwòrán nítorí pé ó ki. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, irú èyí tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ìyálọ́mọ wa, lè ṣẹ̀jẹ̀ kó má hàn dáadáa. Àwòrán tí kò fi nǹkan kan hàn kò tó láti fi dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ padà sílé.

Ká ní aago 3 ọ̀sán ni wọ́n ya ti obìnrin wa, tí wọn ò rí nǹkan. Wákàtí 6 ti kọjá. Wọ́n á dúró di ẹ̀yìn aago 7:10 alẹ́, kí wákàtí 12 pé, kí wọ́n tó fi abẹ́rẹ́ fa omi níbàdí rẹ̀, nísàlẹ̀ ibi tí okùn ọ̀pá ẹ̀yìn ti parí. Kí nìdí tí wọ́n fi ń dúró? Abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ lè gún iṣan kékeré, kó pọn omi náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tó ti pẹ́ nínú ara ń di àwọ̀ ìyeyè. Wọ́n á fi ẹ̀rọ yí ìgò náà kí ẹ̀jẹ̀ tòrò sísàlẹ̀, wọ́n á wá gbé e síwájú bébà funfun: bí omi tó wà lókè bá mọ́ bí omi ẹ̀rọ, ọkàn balẹ̀, bó bá pọ́n bí omi ọsàn, ẹ̀jẹ̀ ti ya ṣáájú abẹ́rẹ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n á ya àwòrán àwọn iṣan, tí wọ́n á bẹ̀rẹ̀ nimodípìnì, mílígíráàmù 60 ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin fún ọjọ́ 21, tí oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ á sì dí ibi tó wú.

Àwọn kan á sọ pé àìsàn òyìnbó nìyí. Ìwé àtijọ́ sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, pé ó ṣọ̀wọ́n lára ọmọ Áfíríkà. Ṣùgbọ́n 1962 ni Latunde Odeku, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ẹni tó ṣubú lóko kó tó dé ọ̀dọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀, ta ló kà á? Lójú tèmi, ìwọ̀n ohun tí wọ́n wá ni wọ́n rí. Àwọn mìíràn á ní ọ̀pọ̀ irú ẹ̀fọ́rí yìí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ yíya. Mo gbà, bóyá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ṣùgbọ́n lára mẹ́ta yẹn náà ni ẹ̀jẹ̀ dídì nínú iṣan ọpọlọ ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ wà, àti ẹ̀jẹ̀ ríru aláboyún, àti iṣan ọrùn tó ya. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí nọ́ọ̀sì tó ń fi aláìsàn ránṣẹ́ láti Oǹdó sí Àkúrẹ́, tàbí láti Àkúrẹ́ sí Oǹdó, má kàn kọ "ẹ̀fọ́rí líle" sínú ìwé. Kó kọ "7:10 àárọ̀, ó ń gbé àpò", nítorí àtìgbà yẹn ni dókítà tó máa gbà á á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka wákàtí 6.