Bí A Ṣe Ń Ran Ẹni Tí Ó Ń Fi Sìgá Sílẹ̀ Lọ́wọ́

Ẹ̀yin ará, bí baálé ilé kan bá fi sìgá sílẹ̀, ọjọ́ 3 àkọ́kọ́ ni ó máa ń le jù. Oró inú tábà tí ó ti mọ́ ọn lára ni kò rí mọ́. Nítorí náà ni inú fi ń tètè bí i, tí kì í sì í sùn dáadáa. Ìnira yìí a máa dínkù láàrin ọ̀sẹ̀ 2 sí 4. Kí aya rẹ̀ má ṣe ka ìbínú náà sí ìkórìíra.

Kí ó má sì máa tú àpò rẹ̀ wò, nítorí ẹni tí a ń ṣọ́ bí olè yóò kọ́ láti fi nǹkan pamọ́. Ó sàn kí ó bi í pé: “Olówó orí mi, kí ni ẹ fẹ́ kí n ṣe?”

Bí ó bá lọ sí òde ìsìnkú ní ọjọ́ kejìlá, tí ọ̀rẹ́ fún un ní sìgá kan, tí ó mu ún, tí ó sì jẹ́wọ́ nílé, kí aya rẹ̀ má ṣe wí pé, “Mo ti mọ̀.” Kí ó wí pé: “Ẹ ṣeun tí ẹ sọ fún mi. Ọjọ́ 11 tí ẹ ti ṣe kò ṣòfò. Kí ni ó fà á?” Ìdáhùn rẹ̀ yóò fi ibi tí ewu wà hàn. Kí wọ́n jùmọ̀ pinnu ohun tí yóò sọ fún ọ̀rẹ́ náà ní òde mìíràn. Bí sìgá kan bá kù lápò, kí ó sọ ọ́ nù ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n bí ó bá tún ń mu ún lójoojúmọ́, kí ó lọ rí oníṣègùn.