Lẹ́tà Aránṣọ sí Hòtẹ́ẹ̀lì

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá fún yín lónìí jẹ́ ti ẹ̀yin aránṣọ, àti ti ẹnikẹ́ni tí ó bá ní iṣẹ́ ọwọ́ tí ó fẹ́ tà fún ilé iṣẹ́. Bí ènìyàn bá ní ṣọ́ọ̀bù kékeré ní Ìkẹjà tàbí Agége, tí ó ní ẹ̀rọ mẹ́ta, báwo ni yóò ṣe kọ̀wé sí hòtẹ́ẹ̀lì tí kò mọ̀ ọ́n rí, pé òun fẹ́ máa rán aṣọ iṣẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn?

Gbogbo wa ni a mọ Kọ̀ǹpútà Fílééjì, ní òpópónà Ọ̀tìgbà àti àyíká rẹ̀. Láti ibẹ̀ dé Jíàréè Ìkẹjà kò jìnnà, hòtẹ́ẹ̀lì sì wà níbẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ṣùgbọ́n bí aránṣọ bá dé ẹnu géètì tí ó ní òun fẹ́ rí máníjà, ọlọ́dẹ yóò bi í pé, “Ṣé wọ́n ń retí yín ni?” Bí ó bá ní rárá, wọn yóò ní kí ó lọ kọ̀wé wá. Ìwé tí wọ́n sì ń sọ ní ayé ìsinsìnyí, ímeèlì ni, èyíinì ni lẹ́tà tí a fi fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ránṣẹ́.

Ẹ lè rí ẹni tí yóò ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo ní àdírẹ́sì igba hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹ san owó báyìí, màá fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ sí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.” Ẹ má ṣe san án. Lẹ́tà tí a fi ránṣẹ́ sí igba ènìyàn kò bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀, ẹni tí ó bá sì kà á yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí a bá to gbogbo àdírẹ́sì náà sí ojú ibi tí a kọ To sí, olúkúlùkù yóò rí orúkọ àwọn yòókù. Ẹ̀rọ tí ń gba lẹ́tà pàápàá máa ń fura sí irú rẹ̀, yóò gbé e sínú àpò tí wọ́n ń pè ní Spam, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í yẹ̀ wò. Hòtẹ́ẹ̀lì márùn-ún tí ẹ ti fi ojú ara yín rí sàn ju igba tí ẹ kò mọ̀ lọ.

Èwo ni kí a yàn nínú wọn? Ní tiwa, a kì í kọ́kọ́ kọ̀wé sí àwọn ńláńlá tí orúkọ wọn kárí ayé. Ní ọ̀pọ̀ irú wọn, ibòmíràn ni wọ́n ti ń pinnu irú aṣọ tí òṣìṣẹ́ yóò wọ̀. Wọn yóò sì béèrè ìwé ìforúkọsílẹ̀ òwò láti ọ̀dọ̀ ìjọba, nọ́ńbà owó orí, àti àkáǹtì báńkì tí ó jẹ́ orúkọ òwò náà. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì tí yàrá rẹ̀ kò ju ogún sí àádọ́ta lọ.

Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ lọ wo àwọn òṣìṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe ń wọlé tí wọ́n ń jáde. Ẹ wo àwọ̀ aṣọ wọn dáadáa. Ẹ óò rí i pé ẹni kan wọ búlúù tí ó dúdú díẹ̀, èkejì wọ búlúù tí ó mọ́lẹ̀ jù ú lọ, bẹ́ẹ̀ ni yúnífọ́ọ̀mù kan náà ni wọ́n pè é. Kì í ṣe fífọ̀ nìkan ló fà á. Aṣọ tí a pa láró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kì í sábà jọra tán, bí nọ́ńbà àwọ̀ rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Hòtẹ́ẹ̀lì ra aṣọ ní oṣù kìn-ín-ní, òṣìṣẹ́ tuntun dé ní oṣù keje, a tún lọ ra aṣọ mìíràn ní ọjà, kò sì bá ti àkọ́kọ́ mu mọ́. Ìṣòro tí hòtẹ́ẹ̀lì ní gan-an nìyí, nítorí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ a máa lọ, òmíràn a máa dé. Ọ̀pọ̀ aránṣọ ń kọ̀wé pé àwọn mọ iṣẹ́, pé iṣẹ́ àwọn dára, pé owó àwọn kéré. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ ohun tí òun yóò ṣe nígbà tí òṣìṣẹ́ tuntun bá dé, ìyẹn ni máníjà yóò dúró kà.

Ẹ jẹ́ kí a wá ṣírò rẹ̀. Ká ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní òṣìṣẹ́ mẹ́jọ tí ń tún yàrá ṣe. Olúkúlùkù nílò aṣọ mẹ́ta: ọ̀kan lọ́rùn, ọ̀kan lọ́dọ̀ alágbàfọ̀, ọ̀kan nílẹ̀. Mẹ́jọ lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 24. Ẹ̀wù àti ṣòkòtò kan lè gba nǹkan bí yáàdì mẹ́ta àbọ̀, bí aṣọ náà bá fẹ̀ tó 60 íǹṣì. Yáàdì 84 nìyẹn. Ẹ wá fi ti òṣìṣẹ́ tuntun méjì kún un, aṣọ mẹ́fà, yáàdì 21. Gbogbo rẹ̀ di yáàdì 105, kí a sì rà á lẹ́ẹ̀kan náà, láti ara ìdì tí a pa láró pọ̀. A kò ka àwọn ọlọ́dẹ mọ́ wọn o, nítorí ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì ń gba ọlọ́dẹ láti ilé iṣẹ́ mìíràn, tiwọn ni wọ́n ń wọ̀ wá.

Kí ẹ tó ṣe ìlérí, ẹ dán aṣọ náà wò. Ẹ gé ègé kan tí ó jẹ́ 20 íǹṣì ní gígùn àti ní ìbú. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a, ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ tún fi téèpù wọ̀n ọ́n. Bí 20 bá di 19 àbọ̀, ìdajì íǹṣì ti lọ. Ṣòkòtò tí ó gùn tó 40 íǹṣì yóò dín íǹṣì kan nìyẹn, yóò sì hàn lọ́rùn ẹsẹ̀. Ẹ tún fi aṣọ funfun tí ó tutù nu ún. Bí àwọ̀ bá yí i, ẹ má ra aṣọ náà fún hòtẹ́ẹ̀lì, nítorí ẹni tí ń tún yàrá ṣe ń gbé aṣọ ibùsùn funfun mọ́ra láti àárọ̀ títí di alẹ́.

Lẹ́tà náà nìyí. Èdè òyìnbó ni hòtẹ́ẹ̀lì yóò fẹ́ kà á, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó gbọ́ ọ dáadáa bá yín tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni kí ẹ mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, kí ẹni tí ń tẹ̀ ẹ́ má baà fi ìlérí tirẹ̀ kún un. Ní ojú ibi tí a kọ Subject sí, ẹ kọ: “Aṣọ iṣẹ́ fún àwọn tí ń tún yàrá ṣe ní hòtẹ́ẹ̀lì yín.” Lẹ́yìn náà:

“Sí Máníjà. A kí yín o. Aránṣọ mẹ́ta ni wá, ṣọ́ọ̀bù wa kò jìnnà sí òpópónà Ọ̀tìgbà, ní Ìkẹjà. Aṣọ iṣẹ́ ni a ń rán. Bí òṣìṣẹ́ tuntun bá dé, ó máa ń ṣòro láti rí aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti àwọn yòókù mu. Bí ẹ bá gbé iṣẹ́ fún wa, a ó ra gbogbo aṣọ náà lẹ́ẹ̀kan, a ó sì tọ́jú èyí tí yóò tó òṣìṣẹ́ tuntun méjì. A ti fi omi gbígbóná fọ aṣọ náà wò, kò ṣí. A fẹ́ rán ẹyọ kan fún òṣìṣẹ́ yín kan láìgba owó, kí ó wọ̀ ọ́, kí ẹ sì máa fọ̀ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣé a lè wá wọn òṣìṣẹ́ náà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú?”

Ó tán. Ẹ kọ orúkọ yín, nọ́ńbà fóònù àti ojúlé ṣọ́ọ̀bù sí ìsàlẹ̀. Ẹ kíyèsí i pé a kò tíì sọ iye owó, nítorí a kò tíì mọ ìwọ̀n ẹnì kankan. Ohun kékeré kan ṣoṣo ni a béèrè: ààyè láti wọn ènìyàn kan. Máníjà lè gbà á láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ bi ẹni tí ó ni hòtẹ́ẹ̀lì. Àwòrán iṣẹ́ yín méjì tó, iṣẹ́ ọwọ́ yín gan-an sì ni o, kì í ṣe èyí tí ẹ mú láti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Bí àwòrán bá pọ̀ tí ó sì wúwo, ẹni tí ń fi fóònù kà á kò ní ṣí i.

Bí lẹ́tà bá padà wá tí a kọ Address not found sí i lára, àdírẹ́sì ni kò tọ̀nà. Ẹ wò ó ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá padà tí èsì kò sì wá, ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ tún kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Lẹ́yìn èyí, ẹ tẹ lẹ́tà náà sórí bébà, kí ẹ mú un lọ sí ẹnu géètì. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má kọ̀wé mọ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Òfin ìdáàbòbò ọ̀rọ̀ ara ẹni tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023 fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti kọ irú ìpolówó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí èsì bá wá pé kí ẹ kọ́kọ́ san owó ìforúkọsílẹ̀ kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ fún yín, ẹ má fi kọ́bọ̀ kan ránṣẹ́. Ẹ fi ẹsẹ̀ rìn dé hòtẹ́ẹ̀lì náà lọ béèrè, nítorí àwọn gbájúẹ̀ mọ ọgbọ́n yìí dáadáa.

Ká wá ní wọ́n gbà, wọ́n ní àwọn fẹ́ aṣọ 24 náà, ṣùgbọ́n lẹ́yìn 30 ọjọ́ tí ẹ bá kó o dé ni àwọn yóò sanwó. Ibí yìí ni ṣọ́ọ̀bù kékeré ti ń wọ gbèsè. Bí a bá fi ₦2,000 ṣe iye yáàdì kan, kí ìṣírò lè rọrùn, yáàdì 105 jẹ́ ₦210,000. Ta ni yóò gbé owó yìí sílẹ̀ fún ohun tí ó ju oṣù kan lọ? Ẹ dá wọn lóhùn pẹ̀lẹ́ pé kí wọ́n san owó aṣọ ṣáájú, títí kan ti òṣìṣẹ́ tuntun méjì, pé owó iṣẹ́ lè dúró di 30 ọjọ́. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní kí àwọn fúnra wọn ra aṣọ náà, kí ẹ bá wọn yàn án. Bí wọ́n bá tún kọ̀, ẹ jẹ́ kí ó lọ. Ní ti ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò parí, bí ẹ bá lè rán mẹ́ta lóòjọ́, ọjọ́ mẹ́jọ ni. Ẹ kọ ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí iná lè má wà, àwọn oníbàárà yín àtijọ́ kò sì ní dúró.

Yáàdì 21 tí ó kù, ẹ wé e sínú bébà, kí ẹ kọ orúkọ hòtẹ́ẹ̀lì náà àti ọjọ́ tí ẹ rà á sí i lára. Ẹ má gbé e sí ẹ̀bá fèrèsé, oòrùn yóò ṣí i ní ojú ibi tí a ti ká a. Ìwọ̀n àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́jọ náà, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kì í ṣe sórí ògiri, kí ẹni tí ó bá wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tí hòtẹ́ẹ̀lì bá pè lè ṣí i, kí ó kà á, kí ó sì gé aṣọ.