Bí a ṣe ń fi ìtànṣán oòrùn sí fọ́tò ọjà kó má dà bí ayédèrú

Ìyá wa kan bi mí pé kí ló dé tí oòrùn tí àwọn fi sí fọ́tò áńkárá wọn fi dà bí ìgbà tí èéfín bo aṣọ. Òun ni mo fẹ́ dáhùn.

Ẹ ṣí fọ́tò ọjà yín nínú PicsArt, ẹ tẹ Add Photo, kí ẹ mú àwòrán ìmọ́lẹ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú. Ẹ tẹ Blend, ẹ mú Screen. Iṣẹ́ Screen ni kó fi ìmọ́lẹ̀ kún fọ́tò. Ibi tó bá dúdú kirikiri á pòórá, ibi tó mọ́lẹ̀ nìkan ló máa hàn. Ṣùgbọ́n bí dúdú yẹn bá rí bí eérú, eérú ọ̀hún náà á kún gbogbo fọ́tò. Ohun tó ṣe ti Màámi nìyẹn. Ẹ wo abẹ́ tábìlì tàbí ibi tó ṣókùnkùn jù nínú fọ́tò yín: bó bá ti ràn bí eérú, ẹ yọ ìmọ́lẹ̀ náà kúrò. Ẹ ṣí òun nìkan, ẹ fa Brightness rẹ̀ wálẹ̀, ẹ gbé Contrast sókè títí igun rẹ̀ yóò fi dúdú dáadáa, kí ẹ tó tún un lò.

Ó wá ku ibi tí oòrùn ti ń wá. Ká ní ẹ ya áńkárá níwájú ṣọ́ọ̀bù ní Sábóńgàrí ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, tí òjìji àpótí ìjókòó ṣubú sí ọwọ́ ọ̀tún. Òsì ni oòrùn wà nìyẹn. Orí ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní igun òsì lókè, kó sì pọ́n díẹ̀, torí oòrùn ìrọ̀lẹ́ kì í funfun. Àwọn róbótó kéékèèké tó máa ń tẹ̀ lé e gbọ́dọ̀ tò gba àárín fọ́tò kọjá lọ sí igun kejì. Bí wọ́n bá yà sí ẹ̀gbẹ́, ojú á mọ̀. Fọ́tò tí ẹ yà lábẹ́ gílóòbù nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi oòrùn sí i rárá.

Àbàwọ́n pupa-ọsàn tó máa ń wà létí fọ́tò yàtọ̀. Kámẹ́rà onífíìmù àtijọ́ tí ìmọ́lẹ̀ ráyè wọ inú rẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò bá oòrùn tan. Ẹ jẹ́ kó mọ sí etí.

Ẹ fa Opacity wálẹ̀ sí bí 40, kí ẹ wá fi ìrésà pa ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sórí ọjà fúnra rẹ̀ rẹ́. Lórí léèsì funfun kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn, ṣùgbọ́n bàtà dúdú á di aláwọ̀ eérú, oníbàárà á sì ní àwọ̀ tóun rí kọ́ lẹ fi ránṣẹ́. Iye owó lẹ máa kọ kẹ́yìn, kí ìmọ́lẹ̀ má baà bò ó.

Ẹni tí tiẹ̀ ò bá gbọ́, kó fi fọ́tò àti ìmọ́lẹ̀ tó lò ránṣẹ́ síbí, ká jọ wò ó.