Lẹ́tà Tí A Kọ sí Ọ̀gá Ilé-Ìwé Lórí Ìwé Sáyẹ́ǹsì Àwọn Jùníọ̀
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Ilé-Ifẹ̀)

Ọ̀pọ̀ yín ti ń béèrè ohun tó wà nínú lẹ́tà tí a kọ sí ọ̀gá ilé-ìwé wa. N ó sọ ọ́ bó ṣe rí.

Òkè òkun ni wọ́n ti kọ ìwé sáyẹ́ǹsì tí àwọn jùníọ̀ ń lò. Ó ní lọ́sàn-án gangan, àríwá ni òjìji ọ̀pá máa ń kọjú sí lójoojúmọ́. Ẹni tó kọ ọ́ kò purọ́, bẹ́ẹ̀ ló rí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n ní Ifẹ̀ níhìn-ín, oòrùn ń gba orí wa gan-an kọjá lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án. Láàárín ìgbà méjèèjì, gúúsù ni òjìji ń lọ. Ọmọbìnrin kan ri ọ̀pá mọ́lẹ̀ lóṣù Kẹfà, ó kọ ohun tó fojú ara rẹ̀ rí, wọ́n sì fa igi lé e nítorí pé ìwé kò sọ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ló bí lẹ́tà wa.

Ìwé tí a dábàá, olùkọ́ kan ní agbègbè wa ló kọ ọ́. Ó ní kí ọmọ ri ọ̀pá mítà 1 mọ́lẹ̀, kó máa sàmì sí ṣóńṣó òjìji rẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, láti agogo 12:20 títí di agogo 1. Ìgbà tí òjìji bá kúrú jù ni ọ̀sán gangan. Bí agogo 12:40 ló máa ń bọ́ sí lóṣù Kẹfà, kì í ṣe 12, torí aago tí à ń lò bá ìlú tó wà ní ìlà-oòrùn wa mu ju tiwa lọ. (Èmi náà ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀!) Ní ìparí oṣù Kẹfà, òjìji náà á tó sẹ̀ntímítà 28 sí gúúsù, ní ìparí oṣù Kejìlá, á tó 60 sí àríwá.

A ò fi àbùkù ìwé náà pa mọ́. Àwòrán kan ní àṣìṣe, gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì lágbára. A fi í wé ètò ẹ̀kọ́ ìjọba, orí dé orí, a rí i pé kò sọ̀rọ̀ tó lórí iná mànàmáná. Nítorí náà, a ní kí kíláàsì kìíní nìkan kọ́kọ́ lò ó, kí ìwé àtijọ́ wà nílẹ̀ fún ti iná mànàmáná, kí àwọn òbí tó ti rà á má bàa pàdánù. Ẹgbẹ́ yóò ra 40 tí yóò máa gbé inú kọ́bọ́ọ̀dù kíláàsì.

Màmá dá wa lóhùn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní àwọn ò tíì gbà, àwọn ò sì kọ̀. Wọ́n ní ká mú ọ̀pá wá lóṣù Kẹfà, kí gbogbo olùkọ́ sáyẹ́ǹsì dúró tì í. Ẹni tó bá lè wá, kó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé.